Bálánsì Tó Há

Ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n ti tẹ orúkọ ilé ìwé kan sí lẹ́yìn kò ṣeé tà fún ilé ìwé mìíràn. Ibẹ̀ ni wàhálà atẹ̀wé Ṣómólú ti ń bẹ̀rẹ̀. Aláṣọ tí oníbàárà kò sanwó lè gba aṣọ rẹ̀ padà kó tà á fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà tí fọ́tò pásítọ̀ wà lára rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni àfi ìjọ tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń gba àsansílẹ̀ tó máa ra pépà, tó sì máa ṣe pléètì, kí ẹ̀rọ tó yí. Èrè àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ wà nínú bálánsì, bálánsì yìí náà ló sì máa ń há. Ìgbà tí ẹrù ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ni agbára wà lọ́wọ́ ẹni. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé ló kù.

*

Mo fẹ́ mú jọ́ọ̀bù kan kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa. Ká sọ pé ilé ìwé aládàáni kan ní Bàrígà ní ká tẹ ìwé ìkọ̀wé 1,000 fún àwọn, ₦600 ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Wọ́n san ₦360,000 sílẹ̀, ó ku ₦240,000. Ẹrù dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ìwé. Ínfọ́ìsì sọ pé kí bálánsì wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìyẹn ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọjọ́ náà kọjá, ẹnikẹ́ni kò pè.

*

Kí n tó rán ẹnikẹ́ni létí, ínfọ́ìsì tèmi ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Ṣé orúkọ ilé ìwé ló wà lórí rẹ̀, àbí orúkọ olùkọ́ tó wá bá wa dúnàádúrà? Ṣé nọ́ńbà àkáǹtì pé? Ṣé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san owó hàn ketekete, àbí a kàn kọ "bálánsì" síbẹ̀? Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń sanwó. Olùkọ́ lè ti gbàgbé ínfọ́ìsì náà sínú báàgì, kí akápò má sì gbọ́ nǹkan kan nípa gbèsè ọ̀hún. Ẹni tí kò gbọ́ nípa gbèsè kò tíì kọ̀ láti san án.

*

Ìránnilétí àkọ́kọ́, ọjọ́ kọkàndínlógún, lórí Wọ́sáàpù:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo ní kí n rán yín létí bálánsì ìwé ìkọ̀wé tá a kó wá lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí. ₦240,000 ni, ínfọ́ìsì nọ́ńbà 047, ọjọ́ kẹtàdínlógún ló sì yẹ kó wọlé. Mo tún fi ínfọ́ìsì náà sí i, bóyá ti àkọ́kọ́ kò dé ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ká máa bá sọ̀rọ̀ lórí owó sísan? Ẹ ṣeun mà."

Mo fẹ́ràn ìbéèrè tó wà ní ìparí yẹn. Ó rọrùn láti dáhùn, kò sì ti ẹnikẹ́ni lójú. Bí wọ́n bá dá orúkọ akápò padà, a ti mọ ilẹ̀kùn tá a máa kàn. Ìkíni náà kún dáadáa, nítorí pé ní Bàrígà, ẹni tó jẹ ọ́ lówó lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jọ́sìn, tàbí ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n kò sí "ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu" níbẹ̀. Ìkíni yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, yóò ṣòro fún un láti dé ibi tí ìwé kẹta gbọ́dọ̀ dé.

*

Èsì ló ń fi ẹni tó fẹ́ san hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń fà á. "Akápò á san án lọ́jọ́ Jímọ̀, a ń retí owó ilé ìwé" ní ẹnìkan nínú, ó ní ọjọ́, ó sì ní ìdí. "A ti gbọ́, a máa ṣe é" kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ọ̀gá ti rìnrìn àjò" ní ìdí, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́. Mo máa ń kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Bó bá sì jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́, n ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣeun mà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lórí fóònù, ọjọ́ Jímọ̀ ni a ó máa retí owó náà." Ìpè tí kò ní àkọsílẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù kan.

*

Àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé àwọn ti san owó kì í ṣe owó. Àkáǹtì ni kí ẹ wò.

*

Ìránnilétí kejì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Akápò ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Mọ́mì tó ni ilé ìwé:

"Ẹ káàsán mà. Lórí ínfọ́ìsì 047, ₦240,000, tó yẹ kó wọlé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún: a kọ̀wé lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ẹ ní ẹ máa ṣe é. Owó náà kò tíì wọlé. Bí ohunkóhun bá wà nínú iṣẹ́ náà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí wa kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Bí kò bá sí, ẹ sọ ọjọ́ tá a máa rí owó náà fún wa."

Kò sí ariwo nínú rẹ̀. Ohun tó mú un le ju ti àkọ́kọ́ lọ ni pé ó to ọjọ́ tẹ̀ léra, ó sì béèrè ohun méjì péré: ẹ̀sùn tàbí ọjọ́. Ẹni tó bá dákẹ́ lẹ́yìn èyí kò lè sọ lọ́la pé ìwé náà kò dára.

*

Ẹ̀sùn sì máa ń jáde nígbà míì, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé kejì ṣe pàtàkì lójú mi ju méjì yòókù lọ. Ká ní akápò fèsì pé ìwé ogójì ni wọ́n di lódì, tí ojú ewé wọn dorí kodò. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé máa ń bínú níbí, wọ́n á ní irọ́ ni. Ó yẹ ká lọ wò ó, ká ka ogójì náà pẹ̀lú wọn, ká sì gbé wọn padà. Ogójì ní ₦600 jẹ́ ₦24,000. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú mọ́ ni ₦216,000, òun la sì máa béèrè lójú ẹsẹ̀: "A gbà pé ogójì kò dára, a ti yọ ₦24,000 kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san ₦216,000 tó kù." Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwé ogójì yóò máa dá owó ẹgbẹ̀rún ó dín ogójì dúró.

*

Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, olówó lè dógò ti ajigbèsè: ẹni tó rán á lọ jókòó sílé rẹ̀, á máa jẹ, á máa mu, á sì máa pariwo títí owó fi jáde. Àwọn òṣómàáló, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn káàkiri ìlú, gba orúkọ nítorí bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti oníbàárà tí kò san. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ojú àwọn aládùúgbò. Àwọn kan lónìí ń wá ojú kan náà lórí Wọ́sáàpù: wọ́n á gbé fọ́tò ajigbèsè sí sítétọ́ọ̀sì, wọ́n á kọ "olè" sí i. Mo kórìíra rẹ̀, kì í ṣe nítorí àánú nìkan. Ẹni tó jẹ ọ́ ní ₦216,000 yóò wá ní ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ lọ́wọ́ sí ọ, ọ̀rọ̀ owó yóò sì di ọ̀rọ̀ kejì.

*

Àwọn atẹ̀wé míì á sáré lọ sí tésàn. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, ní ìpín 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí pé ó kùnà àdéhùn lásán. Gbèsè iṣẹ́ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ìwé tí a bá kọ "a máa gbé ọlọ́pàá wá" sí, ìlérí tí kò bófin mu ló wà nínú rẹ̀.

*

Ìránnilétí kẹta kì í gba orí Wọ́sáàpù nìkan lọ. Orí pépà tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ̀dà méjì, ọmọ iṣẹ́ á gbé e lọ, wọ́n á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa, wọ́n á sì kọ ọjọ́ sí i. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin:

"Sí Olùdarí Ilé Ìwé. Ìbéèrè fún gbèsè ₦216,000. Mà, a kó ìwé ìkọ̀wé 1,000 fún yín lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta, ẹ fọwọ́ sí i. A ti yọ ₦24,000 kúrò fún ogójì tí kò dára. A rán yín létí lọ́jọ́ kọkàndínlógún àti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Ẹ san ₦216,000 kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Bí kò bá wọlé, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kóòtù Ẹ̀sùn Kéékèèké láìsí ìwé mìíràn."

"Mà" ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó kúrò ni ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Májísíréètì lè ka gbogbo rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, òṣùwọ̀n tí mo sì fi ń wọn ìwé kẹta nìyẹn.

*

Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kóòtù yìí lábẹ́ àwọn májísíréètì. Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ni wọ́n ń gbọ́, ẹni tó ni owó sì lè sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ẹjọ́ lè parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Kí ẹjọ́ tó wọlé, ajigbèsè gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìbéèrè gbèsè, fọ́ọ̀mù SCA 1 ni wọ́n ń pè é. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí fi níye lórí. Ẹni tí kò fẹ́ kóòtù lè lọ sọ́dọ̀ àjọ ìlàjà aráàlú ti ìjọba Èkó, tí kì í gba owó.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò gbé owó wá fúnra rẹ̀. Bí ajigbèsè kò bá ní nǹkan kan, ìwé ìdájọ́ á wà lọ́wọ́ ẹni, àpò á sì ṣófo. Kó tó kọ ìwé kẹta, atẹ̀wé gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ilé ìwé náà ṣì ń gba owó lọ́wọ́ òbí.

*

Lẹ́yìn ìwé kẹta, àwọn míì á pè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká san díẹ̀díẹ̀." Mo máa ń gbà. ₦108,000 lẹ́ẹ̀mejì, a ó kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀, a ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí èkíní bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di sísan lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí èkíní bá sì yẹ̀ lóòótọ́, a kì í padà sí ẹ káàárọ̀ mà ti ọjọ́ kọkàndínlógún. Ibi tí ìwé kẹta dúró sí ni a ti ń tẹ̀síwájú.