Kòkòrò Tí Ń Jẹ Eyín

Yorùbá máa ń sọ pé kòkòrò ń jẹ eyín. Nínú àwòrán ẹ́ksíréè tí wọ́n ya fún mi, eyín àti egungun funfun, ibi tó jẹrà dúdú. Erìgì ìkẹyìn nísàlẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú egungun, ó forí ti èyí tó wà níwájú rẹ̀. Oúnjẹ ń há sáàárín wọn, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Kòkòrò àìfojúrí ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di omi kíkan. Omi yìí ló gbẹ́ ihò sẹ́yìn erìgì iwájú.

Níwọ̀n bí àwòrán ńlá kì í ti fi ìjìnlẹ̀ ihò hàn dáadáa, oníṣègùn ya kékeré kan sí i. Ihò náà kò tíì dé ibi tí iṣan wà. Wọn yóò yọ èyí tó dùbúlẹ̀, wọn yóò sì dí ihò èkejì.