Ọbẹ̀ Àná Nínú Kúlà Ọmọ Mi

Ní sáà kejì ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọjọ́ Ajé ni inú máa ń run ọmọ mi obìnrin. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n tí inú yóò bá run ún, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni tàbí ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Inú á lọ́ ọ, á ya ìgbẹ́ gbuuru ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ara rẹ̀ kì í gbóná, kì í sì í bì. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á ti máa sáré kiri.

Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ẹjọ́ ẹ̀wà ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀wà alẹ́ yẹn kò bá ọmọ yìí lára mu." A pa ẹ̀wà tì, a ń jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, síbẹ̀ inú ń run ún. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe máa ń sọ pé kí wọ́n wò ó: kí ni ọmọ yìí ń jẹ ní ọjọ́ Ajé tí kì í jẹ ní ọjọ́ mìíràn?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Ìyá máa ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kílò ẹran màlúù méjì ni wọ́n máa ń sè nínú ìkòkò ńlá. Iná mànàmáná wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà wọ́n á dé ìkòkò náà, á sì wà lórí sítóòfù di àárọ̀. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, wọ́n á bu díẹ̀ sínú páànù, wọ́n á mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó má baà jó ọmọ lẹ́nu, wọ́n á dà á sórí ìrẹsì nínú kúlà oníke kékeré. Aago méjìlá ààbọ̀ ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣé ọbẹ̀ náà kò hó dáadáa ni? Ó hó. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Kilọsitirídíọ́mù pafirínjẹ́nsì, tó máa ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìfun ẹran, tó sì máa ń bá ẹran dé inú ìkòkò. Ó lè fara pamọ́ sínú ìkarahun líle kan tí omi híhó kì í tètè pa. Àwọn kòkòrò yòókù á kú, òun á sùn. Nígbà tí ọbẹ̀ bá ń tutù, tó sì bọ́ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì lọ, á jí, á sì máa bí sí i. Ìwọ̀n 43 sí 45 ló dùn mọ́ ọn jù. Níbẹ̀, ọ̀kan lè di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí ọ̀kan bá ń di méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ní wákàtí mẹ́ta ó ti lé ní 260,000. Díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àfi tó bá pọ̀ rẹpẹtẹ.

Mo yá òṣùwọ̀n ìgbóná kan láti yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wa. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, àárín ìkòkò náà ṣì wà ní ìwọ̀n 43. Ìkòkò ńlá tí a dé kì í tètè tutù. Ní ìdájí, mo ní kí Ìyá bu oúnjẹ sí kúlà méjì tó jọra. Ọmọ mi kò gbé ọ̀kankan lọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ló jẹ kó tó jáde, bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì gbé dání. Mo ṣí kúlà kìn-ín-ní ní aago mẹ́sàn-án: ìwọ̀n 44. Mo ṣí èkejì ní aago méjìlá ààbọ̀: ìwọ̀n 37. Kúlà náà kò mú oúnjẹ gbóná, kò sì jẹ́ kí ó tutù. Ṣe ló ń sàba lé kòkòrò bí adìyẹ ṣe ń sàba lé ẹyin.

Mo gbóòórùn oúnjẹ náà. Kò kan, kò fà, òórùn ọbẹ̀ dáadáa ni. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyí, nítorí imú la fi ń mọ oúnjẹ tó bàjẹ́, kòkòrò yìí kì í sì í sábà yí òórùn ọbẹ̀ padà. Ohun kejì tó ń tan èèyàn jẹ ni àkókò. Wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn oúnjẹ ni inú tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹun ní ọ̀sán, tí inú run ní òru, oúnjẹ alẹ́ ni yóò dá lẹ́bi. Bí ẹ̀wà ṣe jẹ̀bi ohun tí kò mọ̀ nìyẹn. Mi ò gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, nítorí náà mi ò lè búra, ṣùgbọ́n àmì àti àkókò rẹ̀ bára mu.

Bí màá ṣe sọ ọ́ fún Ìyá ló wá ṣòro. Wọ́n ní, "Ọbẹ̀ tí mo fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà nìyẹn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nígbà yẹn?" Wọ́n ní àwọn á gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, á hó kùtùkùtù, àwọn á sì bù ú jẹ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi a máa wá sílé jẹun ọ̀sán, nítorí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọbẹ̀ tó hó kùtùkùtù, gbogbo kòkòrò tó ti jí nínú rẹ̀ ló kú, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná kò fún èyí tó kù láyè. Nǹkan bí wákàtí méje inú kúlà ni kò sí nínú ọgbọ́n àtijọ́, nítorí wọn kò lo kúlà nígbà náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ báyìí, Ìyá ní, "Ṣé kí n máa jẹ́ kí ó hó nìyẹn?" Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

A pín iṣẹ́ náà. Ọbẹ̀ ọjọ́ Àìkú, a ń bù ú sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, a ń gbé abọ́ náà sínú omi tútù kí ó tètè tutù, ó sì ń wọ fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Tí kò bá sí iná, ìwọ̀nba tí a máa jẹ tán lálẹ́ là ń sè. Láàárọ̀, ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ hó títí dé àárín ẹran. A ra fúláàsì oúnjẹ onírin kan. Ìyá á da omi híhó sínú rẹ̀, wọ́n á dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á wá bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó ń rú èéfín sí i kún dé ẹnu. Mo dán an wò nílé lẹ́ẹ̀mejì: ní aago méjìlá ààbọ̀ ó wà ní ìwọ̀n 66 àti 64. Kòkòrò kankan tí à ń bẹ̀rù kì í bí sí i nínú oúnjẹ tó bá gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ. Ọmọ ní láti bù ú sórí ìdérí, kó fẹ́ ẹ kó tó jẹ ẹ́.

Ohun tó kù tí a ṣì ń jiyàn lé ni àjẹkù. Ọmọ máa ń gbé ẹran kan padà wálé nígbà mìíràn, Ìyá kì í sì í fẹ́ kí a da ẹran nù ní ìgbà tí ẹran wọ́n báyìí. Wọ́n ní àwọn á gbé e kaná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ti kàn án, kòkòrò mìíràn tó ń gbé ara ọwọ́ àti imú èèyàn, Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, sì lè ti tu oró sínú rẹ̀. Iná á pa kòkòrò náà, kò ní pa oró rẹ̀. Nítorí náà ẹyọ ẹran kan péré ni Ìyá ń fi sí i báyìí, kékeré, kí ó lè jẹ ẹ́ tán.