Márùndínlọ́gọ́rin Méjì

Ọ̀rọ̀ òǹkà tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní sáà yìí ni mo fẹ́ sọ. Oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n ń sọ kiri nípa rẹ̀ ní ilé oúnjẹ, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo jókòó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì nígbà tí wọ́n pè é síwájú.

Olùkọ́ wa fún wa ní nọ́ńbà ogún láti ibi 40 títí dé 100, pé ká kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Iṣẹ́ àmúrelé lásán kọ́ o. Wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá gba ìdajì máàkì kò ní mú Yorùbá wọ kíláàsì àgbà. Ó wu ọ̀rẹ́ mi yìí gan-an kó mú un. Òkè Ọya níhìn-ín ni wọ́n bí i sí, tó bá sì lọ kí ìyá àgbà rẹ̀ nílé, tó ní òun fẹ́ ka owó lójú wọn, ẹ̀rín ni gbogbo ilé máa ń fi í rín.

Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé Hausa tó ń sọ lọ́jà àti Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ní kíláàsì, àròpọ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Bí Hausa bá fẹ́ pe 45, ogójì àti márùn-ún ni yóò pè é. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Láti oókan dé ẹẹ́rin, a máa ń fi lé e: 44 jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Tó bá ti di márùn-ún báyìí, a ti kọjú sí mẹ́wàá tó ń bọ̀ níwájú, a sì ń yọ kúrò nínú rẹ̀: 45 jẹ́ márùndínláàádọ́ta, ìyẹn àádọ́ta tí márùn-ún dín nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí a máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ìdáhùn kan yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, tí wọ́n ya láti inú ìwé àjákọ, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ òǹkà dáadáa. Ìwé náà ń ti orí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì dà á kọ lábẹ́ aṣọ ìbora lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná. Níbi kan lójú ọ̀nà, omi inú garawa ta sí i. Ìdáhùn sí 65, tó yẹ kó jẹ́ márùndínláàádọ́rin, wá pa rẹ́ láàárín. "Márùndín" hàn níwájú, "rin" hàn lẹ́yìn. Ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi òye ara rẹ̀ dí àlàfo náà, ó kọ márùndínlọ́gọ́rin. Gbogbo ẹni tó dà á kọ lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé márùndínlọ́gọ́rin ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. 75 ni. 75 sì wà nínú ìbéèrè yẹn kan náà, ìlà mẹ́ta péré sísàlẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ wa ka ìwé wa tán, ìwé méje ni 65 àti 75 ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọn ò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọ́n kàn ní lọ́jọ́ Ẹtì, ìdánwò àfẹnusọ ni, kálukú á máa bọ̀ níwájú pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi dúró. Mà ní, "Ka ìkẹfà fún mi."

Ó kà á pé, "Márùndínlọ́gọ́rin, Mà."

"Ka ìkẹsàn-án."

Ẹnu rẹ̀ ti ń fà díẹ̀. "Márùndínlọ́gọ́rin, Mà."

"Èwo ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì?"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, Mà wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọn á ti lé e jókòó. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ọgọ́rin náírà wà lọ́wọ́ rẹ, o fi náírà márùn-ún ra gúgúrú. Kí lo ṣe sí owó rẹ?" (Níbo ni wọ́n ti ń ta gúgúrú náírà márùn-ún láyé yìí? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.)

Ó ní, "Mo yọ márùn-ún nínú ọgọ́rin."

"Sọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́."

"Márùn-ún dín... márùndínlọ́gọ́rin." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mà, 75 nìyẹn!"

"65 ńkọ́?"

Èyí le jù, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ 65 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ 70, àyọkúrò sì ni 70 fúnra rẹ̀. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Àádọ́rin jẹ́ ọgọ́rin tí a ti yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa yọ, mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà márùn-ún. Ó fi ìka ka á lẹ́yìn ara rẹ̀, mo rí i láti ibi tí mo jókòó. Ó pẹ́. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Márùndínláàádọ́rin."

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ìtàn náà ì bá dùn. Ṣùgbọ́n Mà béèrè èyí tí kò sí nínú ìwé kankan: 54. Ọ̀rẹ́ mi ti rí àyọkúrò, inú rẹ̀ ń dùn sí i, ló bá fi ìgboyà dáhùn pé, "Mẹ́fàdínlọ́gọ́ta!" Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, 60 tí a yọ mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ 54. Àmọ́ Yorùbá kì í yọ ju márùn-ún lọ nínú irú òǹkà yìí. Ẹẹ́rin ṣì wà lábẹ́ ìfilé, torí náà mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Lójú tèmi, àṣìṣe yẹn dára ju gbogbo èyí tó gbà nínú ìwé tó dà kọ lọ, torí òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Mà kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un fún tẹnu, òdo fún ti ìwé. Bákan náà ni wọ́n ṣe fún àwọn mẹ́fà yòókù, òdo fún ti ìwé, wọ́n sì ní kí àwọn méjèèje padà wá lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ fún àfẹnusọ nìkan, láìsí ìwé lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀dì òkè mi ló ń sùn. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti pa iná, á máa bi mí ní nọ́ńbà láti òkè. Lánàá ó ní kí n bi òun. Mo ní 87. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Àádọ́rùn-ún... mẹ́tà... mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bi òun ní òmíràn.