Àgádágodo Onílé Kì Í Ṣe Ìwé Kóòtù

Tí ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi pé onílé ẹnì kan ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé, "Ṣé ó ti fún un ní kúìtì?" Ìbéèrè Èkó nìyẹn, ó sì bá Èkó mu. Lábẹ́ Òfin Ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011, bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó lóṣooṣù yóò gba ìwé oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún yóò gba ti oṣù mẹ́fà, ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò sì tẹ̀ lé e kí onílé tó gba kóòtù lọ. Bí àwọn ìwé náà bá ti pé, tí wọ́n sì tọ́, apá tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ ti parí.

Ọ̀nà mìíràn ni Gánà gbà. Òfin tó wà níbẹ̀ ni Òfin Owó Ilé ti ọdún 1963, tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Òfin 220. Abala 17 rẹ̀ sọ pé adájọ́ kankan kò gbọdọ̀ pàṣẹ kí ayálégbé kúrò, àfi tí ìdí tí onílé mú wá bá wà lára àwọn tí òfin náà tò sílẹ̀. Lára wọn ni pé owó ilé ti ju oṣù kan lọ sẹ́yìn, pé ayálégbé ń da àdúgbò rú, pé ó ń ba ilé jẹ́, tàbí pé onílé fúnra rẹ̀ fẹ́ wá gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé ló ń lé ènìyàn kúrò nílé ní Gánà, kóòtù ni. Ìwé jẹ́ ara ohun tí àwọn ìdí kan ń béèrè kí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti dún lọ. Ayálégbé tó bá ń pariwo pé "ẹ ò fún mi níwèé" ń kọ́ onílé ní ohun tí yóò ṣe ni. Lọ́la, onílé yóò fún akọ̀wé kan lówó, yóò mú lẹ́tà dé, ẹnu ayálégbé yóò sì pa mọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ó bi í ni: èwo nínú àwọn ìdí abala 17 lẹ dì mú, àṣẹ kóòtù yín sì dà?

Mo fẹ́ fi Suame Mágásíìnì ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń le jù. Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ débẹ̀ mọ ibẹ̀: rẹwáyà, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, jórinjórin, àwọn tó ń kun ọkọ̀, àwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀, gbogbo wọn fún pọ̀ mọ́ ara wọn lójú ilẹ̀ tóóró kan. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yá ilé rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń yá, wọ́n á wá gbé kọńtéínà tiwọn lé e. Ẹnu lásán ni wọ́n sì máa ń fi ṣàdéhùn.

Ohun méjèèjì yìí ni onílé máa ń fi dẹ́rù bà wọ́n. Yóò ní "ìwọ ò yálé lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ni o dúró lé, kọńtéínà rẹ ní ẹsẹ̀, gbé e lọ." Ṣùgbọ́n nígbà tí Òfin 220 ń túmọ̀ ohun tó kàn án, kò dúró sórí ilé oníbíríkì. Ó ka ìsọ̀ mọ́ ọn, ó ka ohun tí a lè gbé kúrò mọ́ ọn, ó sì ka ilẹ̀ tí wọ́n yá ènìyàn láti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé mọ́ ọn pẹ̀lú. Àdéhùn ẹnu náà, àdéhùn ni lójú òfin náà.

Bọ̀dá kan wà tí mo mọ̀ níbẹ̀, jórinjórin ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ń lo ilẹ̀ kan fún ọdún mẹ́jọ. Irínwó sídì ni owó ilẹ̀ náà lóṣù, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ó san ti ọdún kan gbáko, 4,800 sídì, ó fi Mómò ránṣẹ́. Ní oṣù kẹta, ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọ onílẹ̀ dé. Ó ní bàbá òun ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà, tí yóò sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà sí i, kí bọ̀dá kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kò mú ìwé kúìtì dání. Ìwé mìíràn ló mú dání, ìwé kékeré kan tí wọ́n ti tẹ̀, tó ní kí bọ̀dá fọwọ́ sí i pé òun ti gbà láti fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ẹgbẹ̀rún kan sídì.

Ìwé kékeré yẹn ló léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Títa ilẹ̀ kò sí lára àwọn ìdí tó wà ní abala 17. Ẹni tó bá rà á, ayálégbé ló rà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun ń lọ, tí onílé sì torí rẹ̀ bá ẹlòmíràn ṣàdéhùn láti tà á tàbí láti yá a, ìyẹn wà lára ìdí tí kóòtù fi lè lé e. Ohun tí ọmọ onílẹ̀ kò ní lọ́wọ́ ló wá gbà lọ́wọ́ bọ̀dá. Bọ̀dá kò fọwọ́ sí i. Ó ní òun kò mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kí ẹnì kan bá òun kà á. (Ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa.)

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó lọ sí ọ́fíìsì Rẹ́ǹtì Kọńtíróólù ní Kumasi. Ẹ̀ka ìjọba ni, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé ló wà. Fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn ni ènìyàn ń kún níbẹ̀, ohun tí ó sì dára kí ó mú lọ kò pọ̀: ẹ̀rí owó tó ti san, orúkọ onílé àti ibi tí a ti lè rí i, àti àwòrán ibi tó ń lò. Bọ̀dá tẹ àkọsílẹ̀ Mómò rẹ̀ jáde. Nítorí kò ní ìwé àdéhùn, ó mú jórinjórin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn dání. Ọ́fíìsì náà fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí onílẹ̀ pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Mo bá wọn jókòó lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Bàbá onílẹ̀ wá fúnra rẹ̀, àgbàlagbà tó wọ aṣọ kéńtè ìmúròde, kò sì dà bí ẹni burúkú. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, òun fẹ́ kó di ilé gidi. Òṣìṣẹ́ náà kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ó ní ìdí náà wà nínú òfin: onílé tó fẹ́ wó ohun tó wà lórí ilẹ̀ kó lè kọ́ òmíràn lè gba ilẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àdéhùn ti parí, kí ó sì ti fún ayálégbé ní ìwé tí kò dín ní oṣù mẹ́fà pé òun fẹ́ lọ sí kóòtù. Bákan náà ni ti onílé tó bá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù ṣe òwò tirẹ̀. Àdéhùn bọ̀dá kò tíì parí, ó san owó dé oṣù Kejìlá. Ìwé oṣù mẹ́fà kò sì sí.

Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ náà wo àkọsílẹ̀ Mómò lẹ́ẹ̀kejì, ó béèrè pé ta ló ní kí wọ́n san oṣù méjìlá lẹ́ẹ̀kan. Òfin 220 kò jẹ́ kí onílé béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè fi gbé e lọ sí kóòtù ni. Ohùn bàbá rẹlẹ̀ lójijì. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí onílé kan ní Kumasi tí kò ṣẹ̀ sí òfin yìí, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi máa ń fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ní ìta ọ́fíìsì náà.

Wọ́n parí rẹ̀ báyìí: bàbá kọ ìwé oṣù mẹ́fà ní ìparí oṣù kẹrin, bọ̀dá yóò kúrò ní ìparí oṣù kẹwàá, bàbá yóò dá 800 sídì ti oṣù méjì tó kù padà, yóò sì san owó kéréènì tí yóò gbé kọńtéínà lọ. Bí bọ̀dá kò bá gbà, kì í ṣe oṣù kẹwàá náà ni wọn yóò lé e, bàbá yóò ṣì ní láti lọ sí kóòtù májísíréètì kó sì fi hàn pé òótọ́ ni òun fẹ́ kọ́lé. Ẹni tó bá dúró sílé lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ parí, tí kóòtù kò tíì lé e, ayálégbé ni lójú òfin síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn ní ohun tó ń gbé e ró: owó. Bí owó bá fi ju oṣù kan lọ sẹ́yìn, ayálégbé ti fún onílé ní ìdí tí kò nílò ìwé oṣù mẹ́fà. Onílé tó gbọ́n yóò kọ̀ láti gba owó, yóò sì dúró de oṣù kejì. Tí ó bá kọ̀, ẹ fi Mómò ránṣẹ́, tí ó bá dá a padà, ẹ gbé owó náà lọ sí Rẹ́ǹtì Kọńtíróólù ní ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Tí onílé bá wá fi àgádágodo tirẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, tí ó ṣí òrùlé, tàbí tí ó gé iná, ó ti kúrò lọ́rọ̀ ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí onílé tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù wá ọ̀nà mìíràn lé ayálégbé. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má ṣe fi ayùn gé àgádágodo náà, torí ìyẹn ni yóò sọ yín di ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Ọlọ́pàá máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé kò kan àwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí Rẹ́ǹtì Kọńtíróólù lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn kan wà tí ààbò yìí kò fi bẹ́ẹ̀ bò. Ẹni tó yá igun ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láìjẹ́ pé onílé mọ̀ ní ìṣòro, torí ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda onílé kó tó yá ẹlòmíràn. Ilẹ̀ ìjọba kò sí lábẹ́ òfin yìí, ẹni tó sì gbé kọńtéínà sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún títì kò ní onílé tí yóò pè lẹ́jọ́.

Ti àwa àjèjì tún yàtọ̀. Òfin 220 kò béèrè ibi tí ayálégbé ti wá. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa ní Kumasi ṣì ń rántí ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kó ẹrù wọn ní ọjọ́ Ẹtì tí onílé dá. Lọ́dún 2019, nígbà tí àwọn ọmọ Gánà tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Suame Mágásíìnì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ onílé nìyẹn rárá. Òfin ọdún 2013 tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan ni wọ́n dì mú, Rẹ́ǹtì Kọńtíróólù kò sì ní agbára lórí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń lé yín gan-an, àti ìwé òfin tó dì mú.