Owó Ọkọ̀ Onídìrí

Obìnrin kan wà ní Agége tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Àǹtí Onírun. Nínú báàgì rẹ̀, láàárín ìlarun àti ike jẹ́ẹ̀lì, ìwé kékeré kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya. Ohun mẹ́ta ló ń kọ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: aago tó kúrò nílé, aago tí ọwọ́ rẹ̀ kan irun, àti aago tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú irun. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kó tó dìgbà náà, ọdún mẹ́ta ló fi ń dirun káàkiri Èkó, tó ń fi ojú díwọ̀n owó tó máa gbà.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ní Abẹ́òkúta. Abẹ́ igi ọdán tó wà níwájú ilé ni ìyá yẹn máa ń gbé àpótí sí. Ẹni tó bá fẹ́ di ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́ á wá bá a níbẹ̀, á jókòó sórí ẹní, á sì gbé orí lé e nítan. Ìyá onídìrí kò rìnrìn àjò lọ síbì kankan, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń gbowó rẹ̀. Bí ìyàwó tuntun bá ní kó wá bá òun nílé, tàbí arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n á fún un lóúnjẹ, tó bá sì fẹ́ máa lọ, onílé á fi owó ọkọ̀ sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń dúnàádúrà lórí owó ọkọ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò náà ni.

Àǹtí Onírun gbà pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà òun ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé oníbàárà di ṣọ́ọ̀bù fún un, ó ṣì ń retí kí wọ́n fún òun lówó ọkọ̀ bí ẹni ń fún àlejò. Àwọn oníbàárà náà kà á sí ẹ̀bùn, ohun tí èèyàn lè ṣe lónìí kó má ṣe é lọ́la.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀ ní Agége. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Abùjá mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, onílé sì ń béèrè owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún jẹ́ kí èèyàn máa jáde, àwọn obìnrin kò fẹ́ jókòó sáàárín èrò mọ́, wọ́n ń pè é pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi nílé.” Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ apá.

Ọdún yẹn kan náà ni ìrìn inú Èkó yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkejà àti Súrùlérè sì wà lára wọn. Ọ̀nà tí ọ̀kadà ì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbé e dé ẹnu géètì oníbàárà wá di ohun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, báàgì ní apá ọ̀tún, díráyà ní apá òsì. Owó dánfó ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìrìn ti gùn. Kò rí ìyàtọ̀ yẹn nígbà náà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló ń fi kún owó irun níbi gbogbo, ì báà jẹ́ Ògbà, ì báà jẹ́ Lẹ́kkí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dé bá a lẹ́nu géètì kan ní Súrùlérè. Ó ti wọ ọkọ̀ méjì, ó ti rìn, ó kanlẹ̀kùn, ọmọdé kan yọjú pé màmá àwọn ti lọ sí òde ìsìnkú láti àárọ̀. Ó pe fóònù obìnrin náà títí, kò gbé e. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lọ, àárọ̀ ọjọ́ náà sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kì í ti í kúrò nílé àyàfi bí owó ìrìn bá ti wọ àkáǹtì rẹ̀ ní alẹ́ tó ṣíwájú. Owó irun lè dúró dìgbà tó bá ṣe é tán, owó ìrìn kì í dúró. Oníbàárà méjì bínú lọ. Àwọn tó kù ò yẹ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, nítorí owó tiwọn náà ti wà ńlẹ̀.

Ní ọdún 2022 ó ra Kòrólà àlòkù kan. Ó rò pé ìyà ìrìn ti parí, pé epo nìkan ló kù láti máa rà. Mẹkáníìkì rẹ̀ ló kọ́ ọ ní bí èèyàn ṣe ń mọ iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ: rọ epo kún táńkì dé ẹnu, kọ nọ́ńbà tó wà níwájú sítíárì sílẹ̀, wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, kó o tún rọ epo kún un dé ẹnu. Ó rìn kìlómítà 212, lítà 23 àtààbọ̀ ló sì wọlé. Ìyẹn ni pé lítà kan ń gbé e rin kìlómítà mẹ́sàn-án. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó bá tan amúlétutù, kì í tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó di mẹ́sàn-án mú.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 dé, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦190 lítà kan di ₦488 ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni Àǹtí Onírun ra ìwé kékeré yẹn.

Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́fà àbọ̀ ló kúrò ní Agége. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì ló fi dé Ọ̀pẹ̀bí ní Ìkejà, ó fi wákàtí mẹ́rin di irun wẹ́wẹ́ fún oníbàárà àkọ́kọ́, ó ti ìdí irun bọ omi gbígbóná, ó sì jáde ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kọrí sí Lẹ́kkí lórí Afárá Kẹta. Ó lo wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé ibẹ̀, oníbàárà kejì kò tíì fọ orí. Ó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó tún di irun fún wákàtí mẹ́rin, ó sì fi wákàtí méjì padà sílé. Aago mẹ́jọ ti kọjá kó tó bọ́ bàtà.

Ní alẹ́ yẹn ló jókòó ṣírò. ₦27,000 ló gbà lápapọ̀, ₦12,000 ní Ìkejà, ₦15,000 ní Lẹ́kkí. Àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ra àtáṣímẹ́ǹtì. Ìrìn gbogbo jẹ́ kìlómítà 72, epo rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́jọ, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦4,000. Ó yọ ₦40 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan nítorí táyà, ọ́ìlì àti búréèkì, ohun tí kò yọ rí, tó sì jẹ́ pé òun náà ló máa ń sọ ọ́ di onígbèsè mẹkáníìkì lópin oṣù. Ó yọ owó jẹ́ẹ̀lì àti fóòmù. Ohun tó kù lé díẹ̀ ní ₦18,700.

Ó pín in sí wákàtí mẹ́tàlá àtààbọ̀ tó ti wà níta. Kò tó ₦1,400 fún wákàtí kan. Ó wá rántí ọmọ àdúgbò rẹ̀ tó di irun fún ní Agége ní Ọjọ́bọ̀, ní ₦7,000, láìtan ọkọ̀. Bó ti yọ owó jẹ́ẹ̀lì tán, ₦1,560 ló rí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Irun Lẹ́kkí tó ń fi yangàn kò tó irun ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó jẹ owó náà ju epo lọ ni wákàtí márùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tó lò nínú ọkọ̀, wákàtí tí kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ó fi owó lé wákàtí lórí. Wákàtí tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú irun di ₦2,500, wákàtí ojú ọ̀nà ₦1,500. Bí oníbàárà bá dá a dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, owó irun ni yóò fi ka àkókò náà, nítorí ó lè ti máa di orí ẹlòmíràn.

Ibi tó ti ṣìnà ni ọ̀nà tó wà láàárín oníbàárà kan àti èkejì. Ta ni yóò san owó ìrìn Ọ̀pẹ̀bí sí Lẹ́kkí? Ó kọ́kọ́ pín in sí méjì. Àbájáde rẹ̀ ni pé iye tí oníbàárà Lẹ́kkí ń san ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bá ṣe jìnnà sí. Obìnrin náà bi í pé, “Àǹtí, kí ló kàn mí nínú ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀?” Ó ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ó wá ń ka ìrìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan láti Agége lọ, láti ibẹ̀ padà, bí ẹni pé òun nìkan ló wà lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tí méjì bá ṣe rẹ́gí, owó díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo bá wà, kò ní jẹ gbèsè.

Nípa báyìí, irun Lẹ́kkí kúrò ní ₦15,000, ó di ₦23,500. Ohun tó lé díẹ̀ ní ìlàjì rẹ̀ ló jẹ́ ìrìn: epo, táyà, àti wákàtí mẹ́rin àlọ àti àbọ̀. Ti Ìkejà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ₦14,700. Mẹ́ta nínú oníbàárà Lẹ́kkí rẹ̀ fi í sílẹ̀ lóṣù yẹn, ó sì dùn ún, nítorí ọ̀kan nínú wọn ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà kòrónà. Ẹ̀kẹrin, ìyá àgbàlagbà kan, ní kó ṣàlàyé owó náà fún òun. Ó ṣí ìwé, ó kà á fún un. Ìyá náà ní, “Bí ó bá jẹ́ ìrìn ló pọ̀ báyìí, tí mo bá pe àbúrò mi wá ńkọ́?” Orí méjì nínú ilé kan, ìrìn kan ṣoṣo. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦17,000 ó lé díẹ̀, owó ọwọ́ onídìrí kò sì dín. Láti ìgbà yẹn ni Lẹ́kkí ti ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìwé náà kò lè rí ohun gbogbo tẹ́lẹ̀. Òjò kan lè sọ wákàtí méjì di mẹ́rin, kò sì lè padà lọ gba àfikún lọ́wọ́ ẹni tó ti sanwó. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú ìrìn mẹ́ta tó ṣẹ́yìn lọ sí àdúgbò kan, tó ń kó àkókò wọn pọ̀, tó sì ń pín in sí mẹ́ta. Bí àdúgbò kan bá sì ń gbà ju wákàtí márùn-ún lọ àlọ àti àbọ̀, kì í lọ rárá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn ilé epo NNPC ní Èkó gbé lítà kan sí ₦998. Ó wà lórí ìlà ní ilé epo nígbà tó fa ìwé yọ, ó fi bírò fagi lé iye àtijọ́, ó kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan owó wákàtí. Ìrìn Lẹ́kkí ti fi nǹkan bíi ₦4,000 ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ó fi fóònù ránṣẹ́ sí ìyá àgbàlagbà yẹn: “Ẹ kú ìjókòó mà, epo ti tún lọ sókè, iye tuntun nìyí.” Kó tó kan án lórí ìlà, èsì ti dé: àwọn máa jẹ́ mẹ́ta ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó tètè wá, wọ́n á ti fọ orí sílẹ̀.