Ọjọ́ ìbí padí mi bọ́ sí ọjọ́ dayálísísì

Padí mi máa pé ọdún 26 lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Ọjọ́ Ẹtì náà ni ọjọ́ dayálísísì rẹ̀. Ó ti gbà kí n sọ ọ́ síta, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Torí náà ẹ jókòó, tírẹ́ẹ̀dì yìí máa gùn díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé fídíò ni mò ń ṣe jẹun. Àwọn èèyàn máa ń sanwó fún mi kí n bá wọn kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. "Igba ọdún, ọdún kan ni", "wàá gbó, wàá tọ́", mo lè kọ gbogbo ẹ̀ lójú oorun. Lésìí, oṣù kejì tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, mo ṣe fídíò fún òun náà. Mo fi ìlù sí i, mo wá kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ọdún yìí ni ẹ̀rọ náà máa dohun ìgbàgbé, pé ìwòsàn ti dé. Ẹ wo "àmín" lábẹ́ ẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo fi pọ́n ara mi lé.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí wọn wo fídíò yẹn. Ó pè é pé ṣé bí ìwòsàn bá ti dé, kò yẹ kó fi ìgbàgbọ́ hàn ni? Padí mi náà, tí owó ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀, fo ọjọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré o. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó jókòó mọ́jú, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Omi tí kíndìnrín ò rí tọ̀ dànù ti lọ bá ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gbé e lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀rọ fa omi náà jáde, ó bọ́.

Lẹ́yìn tó padà sílé ló pè mí. Kò bínú rárá. Ó ní, "Padí, fídíò yẹn dáa. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá tún yípo tí mo ṣì wà lórí ẹ̀rọ, ta ló jẹ gbèsè yẹn, èmi àbí ìwọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé e lọ bí àyè bá gbà mí. Wákàtí mẹ́rin ló ń lò lórí ìjókòó yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ káàkiri ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni apá àwọn òbí rẹ̀ ká. Kó tó jókòó, wọ́n á wọn ọ̀n. Ìwọ̀n tó yẹ kó wà nígbà tí kò sí omi àpọ̀jù lára rẹ̀ jẹ́ kílò 56. Tó bá wọn 58 àti ààbọ̀, lítà méjì àti ààbọ̀ omi ni ẹ̀rọ máa fà nìyẹn. Tí omi bá ti pọ̀ jù tó sì jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin yẹn náà ni, fífà rẹ̀ á yá jù: ìfúnpá á já wálẹ̀, òòyì á máa kọ́ ọ, iṣan ẹsẹ̀ á sì máa fà á.

Ìdí nìyẹn tí omi mímu fi ní òǹkà. Ti padí mi jẹ́ lítà kan lójúmọ́. Ìyẹn jẹ́ píọ̀ wọ́tà méjì, àwọn ọlọ́rá 50 sẹntilítà yẹn, nínú oòrùn ìlú wa yìí! Ògì wà nínú ẹ̀, ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀, yìnyín tó bá mú lá náà wà nínú ẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Aago méjì ọ̀sán, mo ti jẹ̀bi.

Apá òsì rẹ̀ wá ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Dókítà oníṣẹ́ abẹ so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ níbẹ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn àti èyí tó ń dá a padà, kí iṣan náà lè nípọn, kí abẹ́rẹ́ ńlá rí ibi wọ̀. Fístúlà ni wọ́n ń pè é. Tó o bá gbọ́wọ́ lé e, wàá gbọ́ ọ tó ń kùn lábẹ́ awọ, bíi fóònù tí wọ́n yí sí gbígbọ̀n. Kò gbọdọ̀ gbé báàgì kọ́ apá yẹn, kò gbọdọ̀ sùn lé e, wọn ò gbọdọ̀ wọn ìfúnpá níbẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń gbọ́wọ́ lé e kó tó fọ ẹnu. Tó bá ń kùn, ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Tó bá dákẹ́, ilé ìwòsàn ló ń sáré lọ lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé, ṣé wọn ò lè pààrọ̀ kíndìnrín ni? Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti yọ̀ǹda tiẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ṣì kù, owó náà sì kù. Bó bá tiẹ̀ bọ́ sí i, oògùn ojoojúmọ́ ni, kí ara má bàa kọ àlejò. Mò ń retí ẹ̀ gan-an. Mi ò kàn ní kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ fún un lọ́dún yìí rèé. Mi ò fi ìlù sí i.

Padí mi, o kú ọjọ́ ìbí o. Ọdún tó kọjá, mo ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tèmi láti fúnni. Má bínú. Lọ́dún yìí, mo gbàdúrà kí abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ Ẹtì. Kí nọ́ọ̀sì tó lọ́wọ́ yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí iṣan ẹsẹ̀ má fà ọ́. Kí o sùn gbalaja lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí àyẹ̀wò àbúrò rẹ dáa, bí kò bá sì dáa, màá ṣì mọ ọ̀nà ilé yín. Kí apá rẹ máa kùn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ nígbà míì, ó ń ba èmi náà. O lè sọ ọ́ fún mi láìfi "àmín" kún un.

Kéèkì wà. Kò ní ṣokoléètì, kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò ní àgbọn, mo ti bi àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ rẹ. Ó kéré, má rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, màá ti wà lẹ́nu géètì yín. Apá ọ̀tún rẹ ni màá dì mú.