Lúùpù Tí Kò Dúró, àti Ọkọ Tó Fara Pamọ́ Sínú Ọkọ̀

Ó ti ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò kan tó wà ní ìpele kejì wọlé sórí fóònù mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń dà yín láàmú lálẹ́. Kóòdù mi ò dúró o. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú. Ṣé kí n kàn pa láptọ́ọ̀pù yìí ni?"

Ó ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà mọ́ ọn. Kò sí ìdáhùn níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan. Ó ní fáànù inú láptọ́ọ̀pù ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójú mi, èyí gan-an ló jẹ́ kí irú àṣìṣe yìí máa dẹ́rù ba ènìyàn. Tí o bá gbàgbé àmì kan nínú Páítìn, yóò sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lúùpù tí kò lópin kì í ráhùn. Iṣẹ́ tí o rán an ló ń ṣe, ó kàn ń ṣe é láìparí ni.

Mo ní kó má pa ẹ̀rọ náà, kó tẹ `Ctrl+C`. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró, `KeyboardInterrupt` sì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà kan. Kíá ló ti ń tún ìlà yẹn kọ. Mo ní kó rọra. Ibi tí a ti ká kọ̀ǹpútà mọ́ ni ìlà yẹn, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Ọlọ́kadà tó ń yípo ráńdábáòtù láti àárọ̀, ibi yòówù kí o ti dá a dúró, kò sọ fún ọ ìdí tí kò fi yà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe dára. Ó ti lọ sí Òwòdé-Ẹdẹ, ó gba ohùn àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn awakọ̀ sílẹ̀, ó wá fara balẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ nípa ọkọ, ẹni tó gbé obìnrin níyàwó, jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọjọ́ méjì ló kù kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ní kó gbé fáìlì gígùn yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó fi gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀, nítorí ohun tí ojú lè tọ̀ dé ìparí ló rọrùn láti yẹ̀ wò. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

```python
gbolohun = "ọkọ ra ọkọ̀"
ipo = gbolohun.find("ọkọ")
iye = 0
while ipo != -1:
    iye = iye + 1
    ipo = gbolohun.find("ọkọ")
print(iye)
```

Mo kọ̀wé sí i pé: "Àbúrò mi, èrò rẹ tọ̀nà. Ìlà kan ṣoṣo ló ń dà ọ́ láàmú. Jẹ́ ká jọ rìn ín."

`find` máa ń wá ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn. Tó bá rí i, yóò fún ọ ní nọ́ńbà ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, òdo sì ni Páítìn fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Tí kò bá rí i, yóò fún ọ ní `-1`. Lúùpù rẹ wá ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí `ipo` kò bá tíì di `-1`, máa bá a lọ. Nítorí náà, ohun kan ní láti ṣẹlẹ̀ nínú lúùpù tí yóò sọ `ipo` di `-1` lọ́jọ́ kan. Fi `print(ipo, iye)` sí ìparí lúùpù náà, tún un ṣe, má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ jìnnà sí `Ctrl+C`.

Ohun tó rí nìyí, tó ń ṣàn lọ bí omi:

```
0 1
0 2
0 3
```

Nọ́ńbà apá ọ̀tún ń gòkè. Ti apá òsì kò kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni lúùpù ń wò. Ìgbàkúùgbà tó bá dé ìlà tó kẹ́yìn nínú lúùpù, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ló tún ń padà sí, "ọkọ" àkọ́kọ́ náà ló sì tún ń rí. Ó ti ka ọkọ kan ṣoṣo ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ó dáhùn pé òun ti rí i, pé òun máa sọ fún un kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ó yí ìlà náà padà sí `ipo = gbolohun.find("ọkọ", ipo)`. Kò dúró. Ó fi àwòrán ẹni tó ń sunkún ránṣẹ́ sí mi, ó ní bóyá èdè nìkan ni kí òun gbájú mọ́. Inú mi sì dùn, nítorí àtúnṣe yẹn fi hàn pé ó ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ìṣísẹ̀ kan ló kù. Ní ipò 0 la rí "ọkọ". Tí a bá ní kó wá a láti ipò 0, ipò 0 náà ni yóò tún ti rí i, torí ó ń ka ibi tó dúró sí mọ́ ọn. Ó dà bí ẹni tó ń ka ènìyàn lórí ìlà tí kò gbé ìka kúrò lára ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀:

```python
    ipo = gbolohun.find("ọkọ", ipo + 1)
```

Bá mi tọ̀ ọ́ pẹ̀lú bébà. `ipo` jẹ́ 0, `iye` di 1. A wá láti ipò 1, a rí òmíràn ní ipò 7. `iye` di 2. A wá láti ipò 8, kò sí mọ́, `-1` dé, lúùpù dúró. Ó pariwo sínú àtẹ̀jíṣẹ́ ohùn tó fi ránṣẹ́ débi pé mo gbọ́ tí àwọn ará yàrá rẹ̀ ń bú u.

Kó má baà rò pé àìmọ̀kan òun ló fa gbogbo rẹ̀, mo sọ ìtàn Zune fún un. Ẹ̀rọ olórin kan tí ilé iṣẹ́ Maikirosọ́ọ̀fútì ń tà nígbà náà ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn Zune 30 dákú. Kóòdù kan wà nínú wọn tó ń fi iye ọjọ́ wá ọdún: níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ bá ju 365 lọ, yọ ọdún kan kúrò. Tí ọdún náà bá jẹ́ èyí tó ní ọjọ́ 366, kó yọ 366, ṣùgbọ́n kìkì tí ọjọ́ tó kù bá ju 366 lọ. Ọdún 2008 ní ọjọ́ 366. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, 366 gééré ló kù. Ó ju 365 lọ, nítorí náà lúùpù wọlé. Kò ju 366 lọ, nítorí náà kò yọ ohunkóhun. Ó tún padà sókè, 366 náà ló tún bá. Àwọn tó ni ín ní láti jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú, kí wọ́n sì dúró de ọjọ́ kejì. Àwọn tó kọ kóòdù yẹn ń gba owó oṣù lórí ẹ̀ o, irú àṣìṣe kan náà sì ni: ohun tí lúùpù ń wò kò yí padà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ayọ̀ sọ fún mi pé "ọkọ" jẹ yọ ní ìgbà 61 nínú fáìlì òun. Mo bi í pé ìgbà mélòó ló jẹ yọ nínú gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta àná. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì, bí kóòdù ṣe sọ. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, mélòó lo rí?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ọkọ kan ló wà níbẹ̀. Ìkejì, mọ́tò ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú Yúníkóòdù, `ọ` ní àyè tirẹ̀, `U+1ECD`. Ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún ọ̀ tàbí ọ́. Ọ ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ, àmì ohùn yóò wá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tó dá dúró: `U+0300` fún ohùn ìsàlẹ̀, `U+0301` fún ohùn òkè. Mẹ́ta la rí nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n `len("ọkọ̀")` yóò sọ pé mẹ́rin ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ níbẹ̀ sì ni "ọkọ" géérégé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ́ tí a fi ń roko. Ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù kò sí nínú ìjàǹbá yìí, torí àmì ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ti dá ọ àti k lẹ́kun. Fáwẹ̀lì ẹ àti ọ ni èyí sábà máa ń bá jà. Ó àti ò ní àyè tiwọn. Bí o bá sì lo `gbolohun.count("ọkọ")`, tí kò nílò lúùpù rárá, 2 náà ni yóò sọ.

Òwòdé ló ti gba ohùn, ní gáréèjì. Kí ni àwọn awakọ̀ ń sọ bí kò ṣe ọkọ̀?

A wá fi ọ̀rọ̀ odindi ka:

```python
import unicodedata
gbolohun = unicodedata.normalize("NFC", gbolohun)
oro = unicodedata.normalize("NFC", "ọkọ")
print(gbolohun.split().count(oro))
```

`normalize` wà níbẹ̀ nítorí pé àwọn kíbọọ̀dù kan máa ń ya àmì ìsàlẹ̀ ọ sọ́tọ̀ kúrò lára o, àwọn mìíràn kì í yà á. `NFC` yóò sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà. `split` ń gé ọ̀rọ̀ ní ibi tí àyè bá wà, ọkọ̀ kò sì lè bọ́ sórí àga ọkọ mọ́. Gbólóhùn wa fún wa ní 1. Fáìlì rẹ̀ fún wa ní 9.

Mo ní kó má tíì gba 9 yẹn gbọ́. "Ọkọ," tí kómà lẹ̀ mọ́ kì í ṣe "ọkọ" lójú `split`, "Ọkọ" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú kì í ṣe é. Ó sì ti kọ ohun tó gbọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, "ọkọọ Délé", pẹ̀lú fáwẹ̀lì tí a máa ń fà sáàárín ọ̀rọ̀ orúkọ méjì. Àwa ní ẹ̀ka yìí mọ̀ pé ọkọ kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ò tíì ṣe ìdánwò fonọ́lọ́jì. Ó fi `replace` mú àwọn kómà àti àmì ìdánudúró kúrò, ó fi `lower` sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, ó wá fi ojú ara rẹ̀ ka ìyókù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. 14 ló kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa bí 61 ṣe di 14, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kó wá ṣàlàyé ìpínrọ̀ yẹn fún gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ tún wọlé lálẹ́ Monday: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè tún bá mi tọ ipò 7 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i?"